Háṣítáàgì Mélòó Ló Tó Fídíò Kan?

Kò sí ọmọ Ṣàngó tí kò mọ ohùn àwọn kọ̀ndọ́ tó máa ń wà lábẹ́ bíríìjì. Èyí ń pe “Ìjọ̀kó! Ìjọ̀kó!”, èyí ń pe “Ojú Ọrẹ, Ìyànà-Ìyèsí!”, òmíràn ń pariwo pé “Abẹ́òkúta, ẹnì kan ló kù!” Ẹni tó bá ń lọ sí Ìjọ̀kó á gbọ́ tirẹ̀, á wọlé, á jókòó. Ṣùgbọ́n ká ní kọ̀ndọ́ kan wá dúró níbẹ̀, tó ń pe Ìjọ̀kó, Abẹ́òkúta, Ìdíròkò, Òṣòdì, Ìbàdàn àti Kánádà pọ̀ mọ́ra wọn. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Àwọn kan á sáré wọlé. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé Ìjọ̀kó nìkan ni mọ́tò náà ń lọ, wọ́n á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú èébú. Ẹni tó tiẹ̀ ń lọ sí Ìjọ̀kó gan-an lè má wọ̀ ọ́ mọ́, torí ibi tí mọ́tò ń lọ kò dá a lójú.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe sí fídíò wa gan-an nìyẹn, tí a bá kó háṣítáàgì ogún sí abẹ́ fídíò ìṣẹ́jú kan. A rò pé bí a bá ṣe pè tó ni èrò á ṣe pọ̀ tó. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀, àti iye tó yẹ kéèyàn lò.

Iṣẹ́ wo ni háṣítáàgì ń ṣe?

Ẹni tó kọ́kọ́ dábàá pé kí àwọn ènìyàn máa fi àmì # kó ọ̀rọ̀ jọ lórí Twitter ni Chris Messina, ní oṣù kẹjọ ọdún 2007. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan náà fi lè rí ara wọn. Bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ tó ní àmì náà níwájú, gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti fi sábẹ́ rẹ̀ á jáde sí ọ.

Ní Nàìjíríà, a ti rí agbára rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé gbé ní Chibok ní oṣù kẹrin ọdún 2014, #BringBackOurGirls ni gbogbo ayé fi ń bèèrè wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, #EndSARS ni. Ẹ wò ó dáadáa: háṣítáàgì kan ni, kì í ṣe ọgbọ̀n. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí ilé fi kún.

Ti fídíò kékeré yàtọ̀ díẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wo TikTok, Reels ti Instagram tàbí Shorts ti YouTube kì í tẹ háṣítáàgì kankan. Wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù sókè ni, ẹ̀rọ ló ń yan ohun tó kàn fún wọn. Nítorí náà, iṣẹ́ ńlá tí háṣítáàgì ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń sọ fún ẹ̀rọ yẹn pé, “Ohun tí fídíò yìí dá lé lórí nìyí, irú àwọn tó lè fẹ́ ẹ nìyí.”

Ní ọdún 2020, TikTok fúnra wọn ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan fídíò fún ènìyàn. Wọ́n ní àwọn ń wo ohun tí ènìyàn ṣe sí àwọn fídíò tó ti rí tẹ́lẹ̀, àwọn ń wo ohun tó wà lára fídíò, bí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, orin inú rẹ̀ àti háṣítáàgì rẹ̀, àwọn sì ń wo èdè àti orílẹ̀-èdè tí fóònù wà. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò wúwo bákan náà. Bí ènìyàn bá wo fídíò gígùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn wúwo ju pé òun àti ẹni tó ṣe fídíò wà ní orílẹ̀-èdè kan náà lọ. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn nìyí: háṣítáàgì ń pe ènìyàn wá, ṣùgbọ́n ìwà ẹni tó wá ni ẹ̀rọ ń wò kó tó pe àwọn mìíràn.

Fídíò bọ̀dá mi

Bọ̀dá mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ṣàngó níbí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní inú àdúgbò, kò sí lójú títì, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí kò lè kàn já sí i. Ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò nìyẹn. Ó ṣe ọ̀kan lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ohùn rẹ̀ ń ròkè tó tún ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tú kabúrétọ̀, ó fi hàn pé ihò tín-ín-rín inú rẹ̀ ló dí, ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú epo, ó fẹ́ ẹ, ó tò ó padà, jẹnẹrétọ̀ sì dákẹ́ sójú kan. Iṣẹ́ gidi ni. Ó gbé e sí Shorts, ohun tó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí:

```
Ẹ wò ó dé òpin o!!!
#fyp #foryou #viral #trending #davido #wizkid
#bbnaija #comedy #football #love #lagos #abuja
#usa #london #canada #hustle #Sango-Ota #generator
```

Méjìdínlógún ni. Mo kà wọ́n. Nígbà tí mo bi í pé, “Bọ̀dá, kí ni Davido ń wá nínú kabúrétọ̀?” ó dá mi lóhùn pé, “Àbúrò, ọ̀nà kan ò wọ ọjà.”

Òótọ́ ni òwe yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wọ ọjà ni wọ́n ń sọ o. Nínú méjìdínlógún yẹn, ẹ jẹ́ ká wo èyí tó wọ ọjà tirẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan. Àìmọye fídíò ló ní #fyp àti #viral, ti ijó, ti oúnjẹ, ti ìjà. Kọ̀ndọ́ tó ń pariwo “Ẹ wọlé! Ẹ wọlé!” láìdárúkọ ibi tó ń lọ ni. Àwọn méjìlá tó tẹ̀ lé e ń parọ́: kò sí eré bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò sí ìfẹ́, kò sí Lọ́ńdọ̀nù. Méjì péré tó kẹ́yìn ló jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti bàjẹ́ látọwọ́ àmì kékeré kan tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó fìyà jẹ bọ̀dá mi. Wọn kò pa fídíò náà rẹ́, wọn kò kìlọ̀ fún un. Àwọn tó rí i náà kò tilẹ̀ kéré jù. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ibi tí YouTube ti ń fi ìṣirò fídíò han ẹni tó ni ín, ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti fà á kọjá lọ́wọ́ kan. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èdè wo lèyí. Kò sí ẹnì kankan tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá.

Báwo ni àpọ̀jù ṣe ń pa fídíò lára?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo fojú bu àwọn nọ́ńbà yìí kó lè yé wa, wọn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan.

Ká sọ pé ẹ̀rọ kọ́kọ́ fi fídíò kan han ènìyàn 200 láti dán an wò. Bí háṣítáàgì bá sọ pé ọ̀rọ̀ àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ ni, púpọ̀ nínú 200 yẹn á jẹ́ àwọn tó máa ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ nílé, àwọn tó kàn fẹ́ràn ẹ̀rọ. Ká ní 120 nínú wọn wò ó dé òpin. Ẹ̀rọ á ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi han àwọn mìíràn tó jọ wọ́n.”

Ṣùgbọ́n bí háṣítáàgì bá pè é ní orin, ní bọ́ọ̀lù àti ní àwàdà, 200 yẹn á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin á rí ọwọ́ tó dọ̀tí mọ́ epo, á fà á kọjá. Ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù á ṣe bákan náà. Ká ní 30 péré ló dúró. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé fídíò náà dára, kò sì mọ̀ pé àwọn tó pè ni kò tọ́. Ohun tó rí ni pé 170 nínú 200 kò fẹ́ ẹ. Á rọra fi í sílẹ̀, á gbé ti ẹlòmíràn jáde.

Ibẹ̀ ni ìpalára wà. Kì í ṣe pé nọ́ńbà 18 fúnra rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Háṣítáàgì tó pọ̀ jù ń mú àwọn tí kò tọ́ wá dán fídíò wò, àwọn yẹn sì ń fìdí rẹ̀ rẹmi. Kódà, ó lè ṣi ẹ̀rọ lọ́nà nípa àwọn fídíò mìíràn tí o bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀, torí ó ti ń mọ irú àwọn tó ń wo tìrẹ, ó sì ti mọ̀ wọ́n sódì.

Ìpalára kejì rọrùn láti rí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ènìyàn kà ti sọnù sínú igbó àmì #. “Ẹ wò ó dé òpin” kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kabúrétọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu lálẹ́ á kọ ìbéèrè rẹ̀ síbi ìwákiri ni, ọ̀rọ̀ lásán ló sì máa kọ, kò ní fi àmì # sí i.

Mélòó wá ni?

Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ilé iṣẹ́ yìí fúnra wọn ti ń dín in kù. Instagram gba 30 fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, wọ́n ti ń gba àwọn tó ń ṣe fídíò níyànjú pé kí wọ́n lo 3 sí 5. Adam Mosseri tó jẹ́ olórí Instagram ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé háṣítáàgì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kí iye ènìyàn tó rí nǹkan pọ̀ sí i, pé ohun tó wúlò fún ni láti fi ohun tí nǹkan dá lé lórí hàn. Nígbà tó di ọdún 2025, TikTok sọ ọ́ di 5 péré lórí fídíò kan, Instagram náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọdún yẹn tó parí.

YouTube ló ṣì fi àyè sílẹ̀. Òfin wọn ni pé bí háṣítáàgì orí fídíò kan bá ti ju 60 lọ, àwọn kò ní ka ẹyọ kan sí nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n á ka 60 àkọ́kọ́ kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ o, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n tún ní àpọ̀jù lè mú kí fídíò má jáde níbi ìwákiri mọ́, àti pé kí ènìyàn má fi èyí tí kò bá fídíò mu sí i. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí YouTube gba 60, 50 dára. Bí o kò bá fi háṣítáàgì sínú àkọlé, mẹ́ta péré nínú àwọn tí o kọ sábẹ́ fídíò ni wọ́n máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ àkọlé náà.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni 3 sí 5. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí nìkan kò gba ènìyàn là. Márùn-ún tó jẹ́ #fyp, #viral, #davido, #love àti #usa burú ju méjì tó sọ òótọ́ lọ. Kí háṣítáàgì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀kan fún irú nǹkan tó jẹ́, ọ̀kan fún nǹkan náà gan-an, ọ̀kan fún ibi tó wà, bóyá ọ̀kan fún èdè. Tí o kò bá lè sọ iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe, yọ ọ́.

Ewu tó wà nínú orúkọ ìlú wa

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará ibí ní pàtàkì. Háṣítáàgì kì í fara da àlàfo, kì í sì í fara da àmì ìdápọ̀. Ibi tó bá ti bá wọn pàdé ló máa dúró. Nígbà tí bọ̀dá mi kọ #Sango-Ota, #Sango nìkan ni ẹ̀rọ gbọ́, “-Ota” di ọ̀rọ̀ lásán. Ta ló sì wà lábẹ́ #Sango? Ṣàngó òrìṣà, Ṣàngó ti Ìbàdàn, àti gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Ṣàngó. Ẹni tó ń wá oníṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ kò ní wá a sí ojúbọ.

#Ota nìkan náà ní wàhálà tirẹ̀. Ìlú kan wà ní Japan tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, àdúgbò ńlá kan ní Tokyo náà sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá wá ní o fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì, lẹ́tà tó ní àmì àti èyí tí kò ní kì í ṣe ọ̀kan náà lójú ẹ̀rọ, púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá nǹkan kì í sì í fi àmì sí i. Bí o bá sì fi àmì sí i sódì, Ọ̀tà lè di ọ̀tá. Ohun tó dára ni kí o fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa kà, bí olùkọ́ Yorùbá wa ṣe kọ́ wa, kí o wá kọ háṣítáàgì ní àlapọ̀ láìsí àmì: #sangoota tàbí #otaogun.

Àtúnṣe

Bọ̀dá mi tún fídíò mìíràn ṣe lórí ìṣòro kan náà, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ oníbàárà mìíràn. Àwa méjèèjì la jọ kọ eléyìí sábẹ́ rẹ̀:

```
Jẹnẹrétọ̀ rẹ ń ròkè ó ń wálẹ̀? Kabúrétọ̀ ló dí.
Wo bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, ní Ṣàngó Ọ̀tà.
#generatorrepair #carburetor #sangoota #yoruba
```

Mẹ́rin péré. Àkọ́kọ́ sọ iṣẹ́, èkejì sọ ibi tó bàjẹ́, ẹ̀kẹta sọ ìlú, ẹ̀kẹrin sọ èdè tó ń sọ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkè náà ní ohun tí ènìyàn lè kọ síbi ìwákiri.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Fídíò kejì yìí kò gbòde kan. Àwọn tó rí i kò tó àwọn tó rí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn wò ó tán, wọ́n sì ń béèrè ìbéèrè gidi: epo wo ni ẹ fi fọ̀ ọ́, èló ni ẹ ń gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ènìyàn mẹ́ta gbé jẹnẹrétọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní fídíò làwọn fi mọ ibẹ̀. Ọ̀kan wá láti Ìjọ̀kó. Fún bọ̀dá mi, ẹni mẹ́ta yẹn ju ẹgbẹ̀rún kan tó wà ní Kánádà lọ, torí kò sẹ́ni tó máa gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Ṣàngó.

Kì í ṣe háṣítáàgì nìkan ló ṣe é o. Nínú fídíò àkọ́kọ́, ó kí gbogbo ènìyàn fún ìgbà díẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Nínú èkejì, ohùn jẹnẹrétọ̀ tó ń ròkè tó ń wálẹ̀ lèèyàn kọ́kọ́ gbọ́. Ìyẹn náà á ti mú àwọn kan dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí háṣítáàgì ń ṣe gan-an, kó ṣe bí a ṣe ń ṣe ní yàrá sáyẹ́ǹsì: kó jẹ́ kí irú fídíò, gígùn rẹ̀ àti àkókò tó ń gbé e jáde dọ́gba, kó pààrọ̀ háṣítáàgì nìkan, kó sì ṣe é bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó dájọ́. Fídíò kan ṣoṣo lè ṣèèṣì.

Nígbà tí o bá ń wo èsì, má wo iye tó rí i nìkan. Wo iye tó dúró àti iye tó fà á kọjá. Wo ibi tí wọ́n ti wá: YouTube máa ń fi hàn bóyá ojú ìwé háṣítáàgì ni, tàbí ìwákiri, tàbí pé ẹ̀rọ ló gbé e fún wọn. Wo orílẹ̀-èdè wọn. Bí àwọn tó rí i bá pọ̀, tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sá lọ ní kíákíá, tí wọ́n sì wà níbi tí ọjà rẹ kò lè dé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o ń pe Òṣòdì, Ìjọ̀kó sì lò ń lọ.

Bọ̀dá mi ṣì máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ gbé fídíò jáde báyìí, ó máa ń kọ́kọ́ pè mí pé, “Àbúrò, wá ka ọ̀nà yìí fún mi. Ṣé wọn ò tíì ju márùn-ún lọ?”